80,000 sí 120,000: Èwo Ni Tiyín Níbẹ̀?

Ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì tí mò ń gbé, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Òfin náà sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin sókè kò gbọdọ̀ polówó iṣẹ́ láìkọ owó rẹ̀ sí i. "Owó tó jọjú" kò tó. "A máa jọ sọ̀rọ̀ owó tí ẹ bá dé" náà kò tó. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, wọn ò sì lè fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu bíi "20 dọ́là ní wákàtí kan sókè."

Ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀. Báǹkì Sítì gbé ìpolówó kan jáde tó ní owó iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé mílíọ̀nù méjì dọ́là. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe. Nẹ́tífílíìsì náà kọ 90,000 sí 900,000 dọ́là sí iṣẹ́ kan. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ka ìyẹn tán, kí ló mọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ṣùgbọ́n irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ, torí gbogbo ayé ló rí i pé kò bójú mu. Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni èyí tó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání: "80,000 sí 120,000 dọ́là lọ́dún." (Owó ọdún kan ni wọ́n máa ń kọ níbí, kì í ṣe owó oṣù.) Ẹni tó ń wáṣẹ́ á wo 120,000, á ní tòun nìyẹn. Ilé iṣẹ́ á wo nǹkan bíi 90,000. Àwọn méjèèjì á wá pàdé lórí fóònù, oníkálukú á rò pé ẹnì kejì ń ṣe màgòmágó.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀ka tó ń ṣètò owó òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la sì máa ń fún àwọn tó ń kọ ìpolówó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti ń wá.

Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Nàìjíríà ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ẹ rántí "gírédì lẹ́fẹ́ẹ̀lì"? Ẹni tó ní dìgírì sábà máa ń wọlé ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8. Nínú lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 yẹn, sítẹ́ẹ̀pù wà, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Òṣìṣẹ́ á wọlé nísàlẹ̀, á máa gun sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan bí ọdún ṣe ń lọ, títí tí wọ́n á fi gbé e lọ sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó kàn. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 bẹ̀rẹ̀ láti iye báyìí, ó sì parí sí iye báyìí, irọ́ kọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán tó máa retí pé kí wọ́n gba òun sí sítẹ́ẹ̀pù tó kẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọdún ló ń gbé èèyàn débẹ̀.

Ohun kan náà ni ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe níbí, àfi pé sítẹ́ẹ̀pù tiwọn kò hàn. Àárín ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń ra èsì ìwádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó owó òṣìṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ détà ni. Tí a bá to ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ náà láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, èló ni ẹni tó wà láàárín gan-an ń gbà? Ká ní 100,000 dọ́là ni. Ìyẹn ni owó àárín wa. Lẹ́yìn náà, a ó gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀, a ó sì gba iye kan náà sókè. Ó di 80,000, ó di 120,000. Kò sí awo kankan níbẹ̀.

Kí ni ibi kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí? Ìsàlẹ̀ wà fún ẹni tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ náà. Àárín wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tí a kò ní láti máa ṣọ́. Òkè wà fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn tó kù ń bi léèrè bí nǹkan bá rú wọn lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹni tí a bá gbà síṣẹ́ ní 118,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà ní ọjọ́ tó wọlé. Ọdún tó bá tún fi gba àlékún kan, ó ti dé òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ á máa fún un ní owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, owó iṣẹ́ rẹ̀ gangan kò ní kúrò lójú kan àyàfi tí wọ́n bá gbé e ga. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ọ̀gá fi máa ń sá fún òkè náà nígbà tí wọ́n bá ń gbà ẹni tuntun. Ìdí kejì le ju ìyẹn lọ: àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin, tó ń gba 94,000, tó wá gbọ́ pé ẹni tó dé lánàá ń gba 118,000, ṣé ẹ rò pé ó máa jókòó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú nìyí. Nígbà tí òfin ní kí ilé iṣẹ́ kọ owó sínú ìpolówó, nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ti gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n kàn gbé e sójú ìwé bó ṣe wà. Nọ́ńbà mìíràn wà tí wọn kì í sábà kọ, ìyẹn iye tí wọ́n fẹ́ fi gba ẹni tuntun. Èyí máa ń kéré ní fífẹ̀ gan-an, ó sì sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àárín. Ìpolówó ní 80 sí 120, ṣùgbọ́n ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó fẹ́ gbàyàn lè sọ pé 84 sí 95 ni owó tí wọ́n fọwọ́ sí fún un.

Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? Ohun tí òfin Niu Yọ́ọ̀kì béèrè ni iye tí agbanisíṣẹ́ gbà lóòótọ́ inú, lásìkò tó ń kọ ìpolówó, pé òun lè san. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tó wà lọ́kàn agbanisíṣẹ́ ni òfin ń bi í, kò sì sọ pé kó ṣèlérí fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ní ìpínlẹ̀ Kólórádò, tí òfin tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ilé iṣẹ́ lè san iye tó ju èyí tó kọ lọ tàbí tó kéré sí i, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé òótọ́ ló kọ nígbà tó ń kọ ọ́. Tí ẹnì kan bá sì rú òfin Niu Yọ́ọ̀kì yìí, ẹni tó ń wáṣẹ́ kò lè torí ẹ̀ pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lè fi ẹjọ́ sun àjọ ìlú tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ náà, tó sì tún ìpolówó rẹ̀ ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kò ní san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtanràn tó lè dé 250,000 dọ́là ń bọ̀. Kò sí èyí tó ń wọ àpò yín níbẹ̀.

Àwọn ará Kalifọ́níà rí ihò yìí. Òfin tiwọn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ, àtúnkọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ní báyìí, iye tí ilé iṣẹ́ gbà lóòótọ́ inú pé òun máa san nígbà tí òun bá ń gba èèyàn síṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. "Nígbà tí wọ́n bá ń gbà á síṣẹ́", ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Owó tí èèyàn lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kò ní àyè níbẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò màmá mi, wá irú iṣẹ́ tí mo fi ṣàpẹẹrẹ yìí ní Niu Yọ́ọ̀kì lọ́dún tó kọjá. Ìpolówó náà ní 80,000 sí 120,000. Ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta níbòmíràn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n wá pè é pé 86,000 ni àwọn fẹ́ san. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ń bí i.

"Àǹtí, àwọn èèyàn yìí rẹ́ mi jẹ. Ṣé wọn ò kọ 120 síbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Wọ́n kọ 80 náà síbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ti ń gbè sẹ́yìn wọn!"

Ó fẹ́ kọ ímeèlì sí wọn pé 118,000 lòun fẹ́, pé ó ṣáà wà nínú ohun tí wọ́n kọ. Mo ní kó má tíì kọ nǹkan kan. Tó bá sọ 118, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé kò mọ bí owó iṣẹ́ ṣe ń rìn, wọ́n á sì padà sí 86 wọn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọjà wa, ẹni tó bá ná ọjà 5,000 ní 300, ìyá ọlọ́jà kì í dá a lóhùn, á kàn yíjú sí oníbàárà mìíràn. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tà.

Mo ní kó béèrè ìbéèrè méjì péré, lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Àkọ́kọ́: owó tó wà nínú ìpolówó yìí, ṣé ti gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà ni, àbí iye tí ẹ fi ń gba ẹni tuntun? Èkejì: àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín báyìí, ibo ni ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 80 sí 120 yẹn? Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè owó ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n wà ló béèrè, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbàyàn síṣẹ́ lè dáhùn láìbẹ̀rù ọ̀gá wọn.

Obìnrin tó gbé fóònù náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ti gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni, pé àwọn sábà máa ń gbà èèyàn láàárín 84 sí 94, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kò tíì kọjá àárín. Nǹkan tí ìpolówó kò sọ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní báyìí, àbúrò mi mọ ọjà tó ń ná. 86 wà nísàlẹ̀ 84 sí 94, bẹ́ẹ̀ ó ti ní ọdún mẹ́ta lórí iṣẹ́ kan náà. Ó dá wọn lóhùn pé òun fẹ́ iṣẹ́ náà, pé pẹ̀lú ohun tí òun ti ṣe, òun rò pé òkè ibi tí wọ́n fi ń gba ẹni tuntun ló yẹ òun, ó wá dárúkọ 93,000. Wọ́n bi í pé èló ló ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Ìyẹn, òfin ò gbà wọ́n láyè rẹ̀ rárá ní ìlú yìí láti ọdún 2017, wọ́n lè béèrè ohun tó ń retí ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ béèrè ohun tó ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní 93 lòun ń retí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ ránṣẹ́: 91,500.

Ó ṣì bínú díẹ̀. Ó ní 5,500 dọ́là lọ́dún kò tó nǹkan tí a bá yọ owó orí kúrò. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí àlékún ọdọọdún bá jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, 5,500 yẹn náà á máa gba àlékún lọ́dọọdún. Ní ọdún márùn-ún, ó ti lé ní 29,000 dọ́là, kó tó di pé a yọ owó orí. Ìbéèrè méjì ló mú un wá. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló máa dáhùn bíi tiwọn o. Àwọn kan á ní "gbogbo rẹ̀ dá lórí ìrírí yín," wọ́n á sì dákẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ka ìpolówó fúnra yín. Ẹ fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pín nọ́ńbà òkè. 120 tí a fi 80 pín, ọ̀kan ààbọ̀ nìyẹn, ó sì bá lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ti iṣẹ́ ọ́fíìsì mu. Èyí ń sọ fún yín pé gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni wọ́n gbé síta, kí ẹ sì máa retí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 85 sí 96, iye tí wọ́n fẹ́ san gan-an ni wọ́n kọ, ẹ lè béèrè òkè rẹ̀ láìtijú. Tí òkè bá wá ju ìlọ́po méjì ìsàlẹ̀ lọ, bíi 70 sí 160, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ sínú ìpolówó kan. Wọn ò tíì pinnu ẹni tí wọ́n fẹ́. Níbẹ̀, ìbéèrè yín yí padà: lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo lẹ fẹ́ gbà mí sí? Torí ẹni tí wọ́n bá gbà sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ lè ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí 160.

Ẹ má sì gbàgbé pé owó iṣẹ́ nìkan ló wà nínú nọ́ńbà yẹn. Owó ọdún, ìṣòfò ìlera, ìpín ìdókòwò, òfin Niu Yọ́ọ̀kì kò ní kí wọ́n kọ ọ̀kankan nínú wọn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí wà ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, tí ẹ sì ń wá iṣẹ́ tí èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà ṣe láti ilé fún àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó ní kí agbanisíṣẹ́ aládàáni kọ owó sínú ìpolówó. Téébù owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà níta gbangba. Àwọn tó kù á ní kí ẹ kọ iye tí ẹ ń retí, àwọn ò sì ní sọ tiwọn. Torí náà, tí ẹ bá rí ìpolówó láti Amẹ́ríkà tó ní 80,000 sí 120,000 dọ́là, ojú lè wọ̀ yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìpolówó náà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ̀wé. Ẹ sábà máa rí i níbẹ̀ pé owó yìí wà fún ẹni tó bá ń gbé ní Niu Yọ́ọ̀kì tàbí Kalifọ́níà, pé ibòmíràn ní owó tirẹ̀. Òfin ibẹ̀ ló fipá mú wọn kọ nọ́ńbà yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ló sì wà fún. Nígbà tí òfin Kólórádò bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àwọn ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà pé kí ará Kólórádò má wá, kí wọ́n má bàa kọ owó rárá.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè rí i pé àdéhùn alágbàṣe ni wọ́n máa bá òun ṣe, láìsí ìṣòfò, láìsí ìsinmi tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, kí iye náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣírò fún Nàìjíríà. Kí ẹ tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ìdánwò iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún èèyàn, ẹ kọ ìlà kan sí wọn: ẹni tó ń ti Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ yìí, èló ni ẹ ń san fún un? Kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé ìpolówó náà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i, torí bí wọ́n bá ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò.